Ẹni tó ń se ọbẹ̀ náà yẹ kó jẹ ẹja

Ní Atokoligbé, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Bantè àti Savalou, ìyá ilé ni ó máa ń bu oúnjẹ. Bàbá ni ó kọ́kọ́ ń bù fún. Bí àlejò bá wà, àlejò ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Nígbà tí yóò bá fi kàn án, òkèlè ṣì pọ̀ nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹja ti tán, ẹran ti tán, omi ọbẹ̀ ni ó kù. Ìfẹ́ ni a ń pe ìwà yìí, ìfẹ́ sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé àṣà yìí ń pa àwọn ìyá wa lára, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n bá ti súnmọ́ àádọ́ta ọdún, tí nǹkan oṣù wọn sì ń dáwọ́ dúró. Ní àsìkò yẹn gan-an ni ara obìnrin nílò ẹja, ẹ̀wà àti wàrà ju ti ìgbà èwe lọ. Ní àsìkò yẹn gan-an ni a sì ń fi omi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ohun tó ń yí padà nínú ara

Nínú ara obìnrin, èròjà kan wà tí ilé ẹyin ń pèsè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri. Àwọn dókítà ń pè é ní ẹsitirojẹ́ẹ̀nì. Òun ni ó ń mú kí nǹkan oṣù máa wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Ó tún ń ṣọ́ egungun.

Egungun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó apá kan rẹ̀, tí ó sì ń tún un mọ, bí a ti ń ya ògiri tó gbó lulẹ̀ kí a tó fi amọ̀ tuntun dí i. Ẹsitirojẹ́ẹ̀nì ni ó ń mú kí wíwó má ṣe ju mímọ lọ. Nígbà tí nǹkan oṣù bá tán, èròjà yìí á lọ sílẹ̀ gan-an. Wíwó á wá máa yára ju mímọ lọ. Láàárín nǹkan bí ọdún 5 sí 7 àkọ́kọ́, obìnrin lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá egungun rẹ̀, ti ẹlòmíràn sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní dùn ún. Kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí ó bá yọ̀ lẹ́bàá kànga, tí ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ sì ṣẹ́, ọjọ́ náà ni egungun tó sọ̀rọ̀.

Iṣan náà ń dín kù. Iṣan tí mo ń wí yìí ni ẹran ara tí ń gbé wa dìde, tí ń gbé ẹrù, tí ń mú wa dúró bí ẹsẹ̀ bá kọ. Ó ti ń dín díẹ̀díẹ̀ kí ènìyàn tó pé ogójì ọdún, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá sì tán, ó máa ń yára sí i. Bí iṣan ti ń lọ, ọ̀rá ni ó ń gba àyè rẹ̀, ọ̀rá náà sì máa ń kúrò ní ìdí àti itan, á wá jókòó sí ikùn. Ìdí nìyí tí obìnrin fi lè máa wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n, kí agbára rẹ̀ sì máa dín kù. Àwọn ará ilé á ní, “Ìyá wa sanra, ara rẹ̀ dá.” Ṣùgbọ́n ìyá náà kò lè dìde lórí àpótí mọ́ láì fi ọwọ́ ti orúnkún.

Ẹ jẹ́ kí a ka oúnjẹ ọjọ́ kan

Ohun tí ara fi ń mọ iṣan ni a ń pè ní púrótéènì. Ó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀wà, sójà, ẹ̀pà àti gúsì. Ó wà díẹ̀ nínú àgbàdo àti iṣu. Nínú gàrí, a lè ní kò sí rárá: 100 gíráàmù gàrí kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 1 tàbí 2 lọ.

Mélòó ni obìnrin nílò? Fún àwọn tó ti ń dàgbà, ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń gbà ní ìmọ̀ràn ni kí ènìyàn jẹ ó kéré tán gíráàmù 1 púrótéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wúwo. Ìṣirò yìí rọrùn. Bí òṣùwọ̀n bá ní o wúwo ní 60 kílò, 60 gíráàmù púrótéènì ni o nílò lóòjọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 52, tí ó wúwo ní 60 kílò, kí a sì ka ohun tí ó jẹ. Bí ọ̀pọ̀ ìyá ṣe ń jẹun ní agbègbè wa ni.

Ní òwúrọ̀, ó mu abọ́ ògì gbígbóná kan pẹ̀lú ṣúgà. Púrótéènì inú rẹ̀ tó bí gíráàmù 3.

Ní ọ̀sán, ó jẹ ẹ̀bà tí ó kún abọ́, nǹkan bí 150 gíráàmù gàrí. Ó fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹyọ ẹja gbígbẹ kékeré kan. Gàrí fún un ní gíráàmù 2, ẹja fún un ní 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.

Ní alẹ́, ó jẹ iyán tí a fi nǹkan bí ìdajì kílò iṣu gún, pẹ̀lú ọbẹ̀ gúsì àti ìdì ẹja kékeré tó kù. Iṣu fún un ní gíráàmù 8, gúsì 4, ẹja 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.

Ẹ kó wọn pọ̀: 3, pẹ̀lú 8, pẹ̀lú 17. Ó jẹ́ 28. Ìyá yìí jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, ikùn rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kò rí ìdajì ohun tí iṣan rẹ̀ nílò. Tí ara kò bá rí púrótéènì nínú abọ́, ibi tí ó ti mọ̀ pé ó wà ni yóò lọ mú un, ìyẹn ni iṣan itan àti ti apá. Ara ìyá náà ń jẹ ara rẹ̀.

Ẹ tún wo ohun mìíràn nínú ìṣirò yìí. Púrótéènì òwúrọ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣan àgbà kò rí bíi ti ọmọdé. Ọmọdé jẹ díẹ̀, iṣan rẹ̀ dáhùn. Iṣan àgbà kì í tètè dáhùn àyàfi bí ohun tí a fún un lẹ́ẹ̀kan bá pọ̀ díẹ̀, nǹkan bí 20 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó sàn kí a pín in sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju kí a kó gbogbo rẹ̀ sí alẹ́ lọ.

Oúnjẹ kan náà, bí a bá tún un tò

N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ máa ra adìyẹ lójoojúmọ́. Ohun tí a nílò wà lọ́jà wa. Àwọn ará wa ń gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sójà. Àwọn obìnrin ń ṣe wàrà sójà, èyí tí àwọn kan ń pè ní àmọ̀n-sójà. Àwọn Fúlàní ń ta wàgásì, wàrà màlúù pupa tí a mọ̀ dáadáa. Ó sì máa ń dùn mí pé ìyá tí ó ṣe abọ́ wàrà sójà kan gbáko lè tà á tán pátápátá lọ́jà, kí ó wá darí sílé, kí ó sì rẹ gàrí mu.

Ẹ jẹ́ kí ìyá ẹni ọdún 52 yẹn tún ọjọ́ rẹ̀ tò.

Ní òwúrọ̀, ó mu ògì náà, ṣùgbọ́n ó dín ṣúgà kù sí ìdajì. Ó po ṣíbí gbọ̀ọ̀rọ̀ méjì ìyẹ̀fun sójà yíyan mọ́ ọn, ó sì jẹ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan kan. Ògì fún un ní gíráàmù 3, sójà 7, ẹ̀pà 7. Ó jẹ́ 17.

Ní ọ̀sán, ó se ẹ̀kúnwọ́ méjì ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí 80 gíráàmù. Ó wọ́n gàrí díẹ̀ sí i, kì í ṣe gàrí tí ó kún abọ́. Ó gún ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ sínú ata. Ẹ̀wà fún un ní gíráàmù 18, gàrí 1, ẹja 6. Ó jẹ́ 25.

Ní alẹ́, ó jẹ iyán, nítorí kò sí ẹni tí yóò ní kí ọmọ Bantè má jẹ iyán. Ṣùgbọ́n iyán náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 300 gíráàmù iṣu. Nínú ọbẹ̀ gúsì, ó fi ègé wàgásì kan tó tóbi díẹ̀ tàbí ègé wàrà sójà mélòó kan sí i. Iṣu fún un ní gíráàmù 4, gúsì 4, wàrà 12. Ó jẹ́ 20.

Ẹ kó wọn pọ̀: 17, pẹ̀lú 25, pẹ̀lú 20. Ó jẹ́ 62. Iye tó yẹ ti pé. Oúnjẹ rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó ń sanni dín díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé gàrí, iṣu, ṣúgà àti epo ti dín kù. Kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Ẹja rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa sójà. Sójà tútù, tàbí èyí tí kò jinná, ń dá ikùn rú, kì í sì í jẹ́ kí ara rí púrótéènì rẹ̀ lò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀, ẹ yan án títí yóò fi pọ́n, tí òórùn tútù rẹ̀ yóò fi lọ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì ń ṣe wàrà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi sójà hó dáadáa kí ẹ tó da omi ìkan ògì sí i láti mú un dì.

Egungun náà ń béèrè tirẹ̀

Ohun tí a fi ń mọ egungun ni kálísíọ̀mù. Obìnrin tí ó ti kọjá àádọ́ta ọdún nílò tó bí gíráàmù 1 lóòjọ́, tàbí kí ó lé díẹ̀. Ìwọ̀n yìí ni ó wà nínú nǹkan bíi lítà kan wàrà màlúù. Ta ni ó ń mu lítà wàrà kan lóòjọ́ ní Atokoligbé? Kò sí. Nítorí náà, a ní láti kó o jọ láti ibi púpọ̀.

Níhìn-ín ni wàgásì ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu mú wàrà dì, kálísíọ̀mù wàrà náà kì í sì í dànù pẹ̀lú omi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń kù nínú ègé náà. Wàgásì ń bọ́ iṣan, ó sì ń bọ́ egungun pẹ̀lú. Wàrà sójà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dára fún iṣan púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a fi omi ìkan ògì mú dì kò ní kálísíọ̀mù tó pọ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ wàrà sójà nìkan ní láti wá ti egungun síbòmíràn.

Ibòmíràn náà kò jìnnà. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun ni àkọ́kọ́. Inú egungun ẹja ni kálísíọ̀mù wà, kì í ṣe inú ẹran rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹja ńlá, tí a ju egungun rẹ̀ sí ajá, ajá ni a fún ní kálísíọ̀mù. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, ẹ gún un torí-tirù, ẹ dà á sí ọbẹ̀. Ọ̀nà yìí ní èrè kejì: ẹja tí a gún kò ṣeé yọ jáde fún bàbá nìkan. Gbogbo ẹni tí ó bá jẹ ọbẹ̀ ni ó jẹ ẹja, ìyá náà wà nínú wọn.

Ewé osè ni èkejì. Ewé náà tí a sá gbẹ, tí a gún, tí a fi ń se ọbẹ̀ yíyọ̀, ní kálísíọ̀mù púpọ̀. Ewé mòríńgà náà ní in. Ara kì í gba gbogbo kálísíọ̀mù inú ewé, nítorí náà ẹ má ṣe gbójú lé ṣíbí kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó máa wà nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Yànmọ̀tí tí a kò bó ni ẹ̀kẹta.

Ohun kan wà tí ń kó kálísíọ̀mù jáde nínú ara: iyọ̀ àpọ̀jù. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀, ìtọ̀ ni yóò gbé kálísíọ̀mù lọ. Àwọn kúùbù tí a ń jù sí ọbẹ̀, iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Irú ìyá wa àtijọ́ ń fún ọbẹ̀ ní adùn, ó sì ní púrótéènì tirẹ̀. Ẹni tí ó fi irú rọ́pò kúùbù ti jèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ikùn tó ń yọ, àti oògùn tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ikùn wọn ń yọ máa ń ṣe àṣìṣe kan. Wọ́n á fi oúnjẹ òwúrọ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ti ọ̀sán sílẹ̀, wọ́n á wá jẹ iyán ńlá kan ní alẹ́. Òṣùwọ̀n lè lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lọ kì í ṣe ọ̀rá nìkan, iṣan bá a lọ. Nígbà tí ebi bá mú wọn padà sí oúnjẹ, ọ̀rá ni yóò padà wá, iṣan kì í bá a padà bọ̀rọ̀. Ohun tí ó yẹ ní dídínkù ni epo, ṣúgà àti òkèlè. Ṣíbí epo ńlá kan ń fún ara ní iná tó bí ti 35 gíráàmù gàrí. Ẹni tí ó bá din wàrà sójà nínú epo púpọ̀, epo náà ni wàrà náà mu. Ó sàn kí ó sè é nínú ọbẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní agbègbè wa, sísanra ṣì jẹ́ àmì pé ọkọ ń tọ́jú aya. Obìnrin tí iṣan rẹ̀ ń tán, tí ojú rẹ̀ ń wọlé, lè fẹ́ kí ara òun tún kún. Ó lè wá ra hóró oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri ọjà, wọ́n á ní ó ń mú ènìyàn jẹun, ó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Nínú irú hóró bẹ́ẹ̀, dẹsamẹtasóònì wọ́pọ̀. Oògùn gidi ni, dókítà ń lò ó fún àìsàn líle. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé e mì fún oṣù púpọ̀, omi àti ọ̀rá ni yóò kó sí i lójú àti ní ikùn, nígbà tí oògùn náà ń jẹ iṣan itan, tí ó sì ń sọ egungun di fífúyẹ́. Ó tún lè gbé ìtọ̀ ṣúgà dìde. Ojú kún, egungun ṣófo. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba Benin kó oògùn ayédèrú àti oògùn àìtọ́ rẹpẹtẹ ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu. Ṣùgbọ́n bí a kò bá dẹ́kun rírà, títà kò ní tán. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo hóró yìí fún ìgbà pípẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí ara lè dá kú. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọn yóò dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀.

Bí a ṣe lè mọ ibi tí a dé

Ẹ̀rọ tí ń wọn egungun kò sí ní ìlú kéékèèké. Ṣùgbọ́n ìdánwò mẹ́ta wà tí ìyá kọ̀ọ̀kan lè ṣe nínú yàrá rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti àga. Ẹ jókòó lórí àga líle, ẹ ká ọwọ́ sí àyà. Ẹ dìde dúró gbọnrangandan, ẹ tún jókòó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnìkan máa wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára iṣan ẹsẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Èkejì ni ti okùn. Ẹ fi okùn wọn gíga yín láti àtàrí dé gìgísẹ̀, ẹ gé e. Ẹ ṣẹ́ okùn náà sí méjì, kí ẹ wá fi ìdajì rẹ̀ yí ikùn yín ká, ní ọ̀gangan ìdodo. Bí orí méjèèjì bá pàdé, ó dára. Bí wọn kò bá pàdé, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta ni ti gíga. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnìkan fi èédú sàmì sí ibi tí orí yín dé. Ẹ tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹ bá ti kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí egungun ẹ̀yìn ti wó díẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ̀yìn títẹ̀ àwọn ìyá àgbà tí a ń rí kì í ṣe ti ọjọ́ orí nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, egungun ni ó ṣẹ́.

Ẹni tí ìdánwò kò bá dára fún, oúnjẹ nìkan kò ní gbà á là. Púrótéènì ni amọ̀, iṣẹ́ ni ọwọ́ tí ń mọ ilé. Bí iṣan kò bá ṣiṣẹ́, amọ̀ yóò wà nílẹ̀ láìlò. Kí ó máa dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹwàá ní àárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mẹwàá ní alẹ́. Bí ó bá ti rọrùn, kí ó máa fi ọwọ́ méjèèjì mú garawa omi díẹ̀ díẹ̀ rìn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn tàbí tí ó ti ń kúrú kò gbọdọ̀ ru ẹrù wúwo lórí.

Ìmọ̀ràn yìí ní ààlà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, púrótéènì púpọ̀ lè ni ín lára. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó yí oúnjẹ padà. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti yọ ṣúgà kúrò nínú ògì pátápátá. Ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ lórí ìṣubú kékeré, kì í ṣe oníṣègùn egungun nìkan ni kí ó rí. Kí ó dé ilé ìwòsàn ní Bantè tàbí Savalou, nítorí ìṣẹ́ kan ń ké sí òmíràn.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan ní, “Àwọn ìyá wa àtijọ́ jẹ iṣu àti gàrí, wọ́n sì lágbára.” Òótọ́ ni pé wọ́n lágbára. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ ọkà lórí ọlọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, irú sì ń wà nínú ọbẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Lónìí, ẹ̀rọ ń bá wa lọ ọkà, ọ̀kadà ń gbé wa lọ sí ọjà. Iṣẹ́ ti dín, òkèlè kò dín.

Àwọn mìíràn ní oúnjẹ olówó ni mo ń wí. Ẹ padà wo ìṣirò wa. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sójà, ẹja wẹ́wẹ́ ni. Ẹni tí kò lè ra wàgásì lójoojúmọ́, kí ó rà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀wà dí àwọn ọjọ́ tó kù.

Àwọn bàbá kan ní obìnrin tí kò bímọ mọ́ kò nílò oúnjẹ aboyún. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ìyá tí ó ṣubú, tí egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́, lè má tún dìde rìn dáadáa mọ́. Ta ni yóò máa pọn omi? Ta ni yóò máa lọ sí ọjà? Ọmọbìnrin yín kan ní láti fi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Ègé ẹja tí a kò fún un ní ọdún mẹ́wàá, owó ilé ìwòsàn ọjọ́ kan ṣoṣo lè ju gbogbo rẹ̀ lọ. A kì í fi ohun tí yóò tọ́ ilé ró pamọ́ fún ẹni tí ó gbé ilé ró.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Láti alẹ́ òní, kí ìyá ilé bu ti bàbá, kí ó bu ti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kí ó ti kọ́kọ́ yọ ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó bu ti ẹnikẹ́ni. Kí bàbá náà wo inú abọ́ rẹ̀ kí ó tó wẹ ọwọ́. Bí ó bá rí i pé omi ọbẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀, kí ó bu nínú tirẹ̀ fún un.